Alẹ́ Tí Trinity Dé

Aago 11 àárọ̀. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, ọdún 2007. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ní Reykjavík, olú-ìlú Áísílándì. Ìlú náà jìnnà sí àríwá débi pé ní àárín ìgbà òtútù, ọ̀sán rẹ̀ kì í pé wákàtí márùn-ún. Ibẹ̀ ni CCP wà, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù EVE Online.

Sáfà géèmù náà kò sí nítòsí wọn. Lọ́ńdọ̀nù ló wà, Tranquility sì ni orúkọ rẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ní tiwọn, orí sáfà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ẹni tó ń gbá EVE ti ń pàdé. Bí ó bá tì, ó tì fún gbogbo wọn. Lójoojúmọ́ nígbà náà, aago 11 ni wọ́n máa ń tì í fún nǹkan bíi wákàtí kan kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀.

Lónìí, wákàtí kan kò ní tó.

Aago Reykjavík àti ti Lọ́ńdọ̀nù kò yàtọ̀ síra ní oṣù Kejìlá. Aago inú géèmù náà bá tiwọn mu. Aago Èkó fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Aago Lọ́ńdọ̀nù ni ìròyìn yìí ń tẹ̀ lé.

Aago 12 ọ̀sán. Awakọ̀ ni àwọn tó ń gbá EVE ń pe ara wọn, nítorí ọkọ̀ òfurufú ojú ọ̀run ni kálukú wọn ń wà. Lọ́sàn-án òní, kò sí ọkọ̀ tó ń rìn. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni àkọsílẹ̀ àtúnṣe.

Gbogbo ẹni tó ti gbá irú géèmù yìí rí ló mọ ìwé náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pín in sí. Apá kìíní ń sọ ohun tuntun tó wọlé. Apá kejì ń sọ ohun tí wọ́n yí padà kí agbára lè dọ́gba. Apá kẹta ń to àwọn àléébù tí wọ́n ti tún ṣe, ìlà kan fún àléébù kan. Àwọn ìlà náà kúrú. Èyí tó ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Nọ́mbà tó ń fi irọ́ hàn ti ń fi òótọ́ hàn. Bọ́tìnnì tí kò dáhùn ti ń dáhùn.

Àtúnṣe tòní ní orúkọ. Trinity ni. Apá kìíní ìwé rẹ̀ gùn. Irú ọkọ̀ tuntun pọ̀ níbẹ̀. Marauder wà níbẹ̀, ọkọ̀ ogun ńlá. Black Ops náà wà níbẹ̀. Heavy Interdictor wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó lè da agbo yí ara rẹ̀ ká kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú agbo náà má lè fò sá lọ. Jump Freighter wà níbẹ̀ fún àwọn oníṣòwò, ọkọ̀ akẹ́rù tó lè fi ara rẹ̀ fò láti ìràwọ̀ kan sí òmíràn láìgba ẹnubodè.

Ohun tó ga jù nínú ìwé náà ni àwòrán. Wọ́n ti tún gbogbo ọkọ̀ yà.

Aago 2 ọ̀sán. Apá kejì ni ibi tí awakọ̀ àgbà máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí wọ́n fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ṣì níye lórí.

Ọ̀rọ̀ tó gbóná jù ní àsìkò náà ni ti Nosferatu. Ẹ̀rọ kan ni, tí awakọ̀ ń so mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò iná. Láti inú àpò náà ni ìbọn ti ń yìn, òun ló ń gbé ààbò ró, òun ló sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ lè fò. Nosferatu máa ń fa iná kúrò nínú àpò ọ̀tá, a sì dà á sínú àpò ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá so mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ á gbẹ ọ̀tá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Iná tirẹ̀ kò sì ní tán. Ọ̀tá á wà lójúkan, ìbọn rẹ̀ kò ní yìn, ààbò rẹ̀ á sì ṣubú.

Òfin tuntun náà kò ju gbólóhùn kan lọ. Nosferatu yóò fa iná nígbà tí ìdá inú ọgọ́rùn-ún tó kù nínú àpò ọ̀tá bá ju ti ẹni tó ń fà á lọ. Bí ó bá dín sí tirẹ̀, kò ní fa nǹkan kan.

Àwọn awakọ̀ mú bírò. Bí tèmi bá kù sí ìdá 40, tí ti ọ̀tá wà ní ìdá 70, ó fà. Bí tèmi bá wà ní ìdá 60, tí tirẹ̀ ti bọ́ sí ìdá 30, kò fà. Ohun tí wọ́n ń fi pa ènìyàn lánàá ti di ohun tí ẹni tí iná rẹ̀ ń tán lọ lè fi gba ara rẹ̀ là. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ ọ̀tá pátápátá ní láti wá ẹ̀rọ mìíràn, èyí tí yóò ná iná tirẹ̀ náà kó tó lè ba ti ọ̀tá jẹ́.

Gbólóhùn kan ni. Ó ba ètò ogun ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Síbẹ̀, ó wà lákọsílẹ̀. Wọ́n rí i kí ó tó dé bá wọn.

Aago 4 ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ti wọ̀ ní Reykjavík. Tranquility ṣì wà ní títì.

Aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ àwòrán náà ní ìtumọ̀ mìíràn fún ẹ̀rọ àwọn awakọ̀. Láti alẹ́ òní, ojú méjì ni EVE yóò ní. Ọ̀kan ń jẹ́ Classic. Àwòrán àtijọ́ ni, fún kọ̀ǹpútà tí káàdì àwòrán rẹ̀ kò lágbára. Èkejì ń jẹ́ Premium. Òun ni àwòrán tuntun tí gbogbo ènìyàn ń retí.

Ẹni tó wà lórí Classic tó fẹ́ bọ́ sórí Premium ní láti gba ẹrù kún ẹrù. Fáìlì kan á wọlé, á ṣí ara rẹ̀, á kó àwòrán tuntun síbi tó yẹ, á sì palẹ̀ àwọn ohun àtijọ́ tí kò wúlò mọ́. Ẹni tó bá dúró sórí Classic kò ní fọwọ́ kan fáìlì yìí.

Ohun tó pín àwọn ènìyàn sí méjì lálẹ́ yìí nìyẹn. Kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà pé ìpín náà ṣe pàtàkì.

Aago 8 alẹ́. Nínú fódà EVE lórí kọ̀ǹpútà gbogbo awakọ̀, fáìlì kékeré kan wà. Kò ní àwòrán, kò ní ohùn. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, ìlà díẹ̀. Bí géèmù bá fẹ́ ṣí, á kọ́kọ́ kà á kó lè mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni `boot.ini`.

Kò sí nínú àkọsílẹ̀ àtúnṣe. Kò sí ìdí tí yóò fi wà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ kì í ṣí i, wọn kì í tún un kọ. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ó wà.

Aago 10 alẹ́ kọjá díẹ̀. Tranquility ṣí. Trinity ti dé.

Wọ́n ya wọlé. Àwọn kan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ni. Àwọn kan, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá lọ́dọ̀ wọn. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ọ̀sán ṣì ni. Àwòrán ìlà kan ń kún díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá yá á ti ṣe tán kí tíì rẹ̀ tó tutù. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá yá á fi ẹ̀rọ sílẹ̀, á lọ jẹun.

Aago 10 àbọ̀ alẹ́. Irú kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà lórí tábìlì kárí ayé lálẹ́ yìí.

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí ẹni tó ni ín fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò. Dísìkì kan ló ní. Dísìkì náà kò pín. Windows XP wà lórí rẹ̀, nínú fódà `C:\WINDOWS`.

Ti kejì jẹ́ èyí tí wọ́n rà tòun ti páálí rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ ńlá. Dísìkì kan lòun náà ní, ṣùgbọ́n wọ́n ti pín in kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ìpín kìíní kéré, ó sì fara pamọ́. Irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ló wà níbẹ̀, fún ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ṣàìsàn. Windows XP wà lórí ìpín kejì. Ẹni tó ni ẹ̀rọ náà kò mọ̀. `C:` nìkan ló ń rí.

Ti kẹta jẹ́ tuntun. Windows Vista ló wà lórí rẹ̀, èyí tó jáde fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kìíní ọdún náà.

Awakọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yan Premium.

Aago 11 alẹ́. Ẹrù dé tán. Fáìlì náà ṣí ara rẹ̀. Àpótí kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ àwọn fáìlì ń sáré kọjá nínú rẹ̀. Iná pupa kékeré tó wà níwájú ẹ̀rọ ń ṣẹ́jú. Dísìkì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Lórí Windows XP, ẹni tó ni ẹ̀rọ nínú ilé sábà máa ń wọlé gẹ́gẹ́ bí alákòóso. Ohun tó bá ṣí, agbára alákòóso ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé ó dá a lójú.

Ìlà náà kún dé òpin. Àpótí náà pa dé. Kò sí àṣìṣe kankan tó yọ. Kò sí ìkìlọ̀.

Aago 11 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Géèmù ṣí. Ó rẹwà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń bọ́ sára irin ọkọ̀, òjìji ń tẹ̀ lé e. Awakọ̀ kan yí ojú ìwòran rẹ̀ ká ọkọ̀ tó ti ń wà láti ọdún mẹ́ta, ó ń wo àwọn ìlà tí kò rí rí lára rẹ̀. Ẹlòmíràn ń dán Nosferatu wò lára ọkọ̀ ajalèlókun. Ó bá ohun tó wà nínú ìwé mu. Iná ọ̀tá bọ́ sísàlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, ẹ̀rọ náà sì dákẹ́.

Ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ bí àkọsílẹ̀ ṣe wí.

Nǹkan kan ti kúrò lára ẹ̀rọ mẹ́ta yẹn, tó bá jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò hàn. Windows tó ti jí kò tún nílò rẹ̀ títí di ìgbà tí yóò bá sùn tí yóò sì tún jí.

Ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́. Ẹni tó ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bóyá ó fẹ́ kó sinmi, bóyá káàdì àwòrán rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe tirẹ̀. Ojú ẹ̀rọ dúdú. Ìlà méjì fara hàn lókè, ní lẹ́tà funfun:

```
Invalid BOOT.INI file
Booting from C:\windows\
```

Kí ó tó kà á tán, ó ti lọ. Àwòrán Windows dé, orin rẹ̀ dún, tábìlì rẹ̀ sì ṣí bó ṣe máa ń ṣí. Bí ó bá ń wo ibòmíràn nígbà náà, kò rí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́. Ẹni tó ni ẹ̀rọ kejì náà tún tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ dúdú. Ìlà méjì kan náà fara hàn. Lẹ́yìn náà, èyí tẹ̀ lé e:

```
Windows could not start because the following
file is missing or corrupt:
<Windows root>\system32\hal.dll.
Please re-install a copy of the above file.
```

Ó dúró síbẹ̀. Kò lọ síwájú. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún tàn án. Ọ̀rọ̀ kan náà ló yọ. Ó tẹ F8, ó yan ìbẹ̀rẹ̀ aláìléwu. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ fún un ni pé `hal.dll` sọnù tàbí pé ó ti bàjẹ́. Irọ́ ni. Fáìlì náà wà ní ipò rẹ̀, ara rẹ̀ sì dá. Ẹni tó bá lọ wá òmíràn wá fi rọ́pò rẹ̀ á fi òru rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ̀rọ kẹta, ti Vista, bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kò sọ ohunkóhun.

Òru ń lọ. Ìròyìn ń dé ọ̀dọ̀ CCP láti ibi púpọ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé ń fi ẹ̀rọ ẹlòmíràn kọ ọ́, nítorí tiwọn kò tàn mọ́. Windows XP ni gbogbo wọn ń lò. Gbogbo wọn ló bọ́ láti Classic sí Premium. Kò sí ẹni tó dúró sórí Classic láàárín wọn. Àwọn kan nínú àwọn tó ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́ kò sì rí ìṣòro kankan. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti gbà gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Géèmù kì í pa kọ̀ǹpútà.

Ní òkè pátápátá dísìkì `C:`, lẹ́yìn òde gbogbo fódà, Windows XP máa ń tọ́jú fáìlì kan. Ó fi í pamọ́ kí ojú má baà rí i. Kò ju ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, bí ó ṣe rí rèé kí alẹ́ yìí tó lẹ́:

```
[boot loader]
timeout=30
default=multi(0)disk(0)rdisk(0)partition(1)\WINDOWS
[operating systems]
multi(0)disk(0)rdisk(0)partition(1)\WINDOWS="Microsoft Windows XP Home Edition" /fastdetect
```

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Bí kọ̀ǹpútà bá jí, kò tíì mọ ibi tí Windows wà. Fáìlì yìí ló ń sọ fún un: dísìkì báyìí, ìpín báyìí, fódà báyìí. Lórí ẹ̀rọ kejì, ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Níbi tí ti àkọ́kọ́ kọ `partition(1)` sí, tirẹ̀ kọ `partition(2)`.

Bí fáìlì náà kò bá sí, ẹ̀rọ kì í kàn dúró. Ó ń méfò. Á sọ pé ó ṣeé ṣe kí Windows wà lórí dísìkì kìíní, ní ìpín kìíní, nínú fódà `WINDOWS`. Lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ó méfò, ó sì bọ́ sí i. Lórí ẹ̀rọ kejì, ó wọ inú ìpín kékeré tó fara pamọ́ yẹn lọ. Ó wá Windows níbẹ̀, kò bá a. Ọ̀kan lára àwọn fáìlì àkọ́kọ́ tó fẹ́ gbé ni `hal.dll`, orúkọ rẹ̀ ló sì dá lẹ́bi. Vista ní tirẹ̀ kò lo irú fáìlì yìí mọ́. Ibòmíràn ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ náà sí.

Orúkọ fáìlì tó sọnù náà ni `boot.ini`.

Kí ilẹ̀ tó mọ́. Àtúnṣe wà, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú ní láti wá díìsì Windows XP. Ó fi sínú ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ tàn láti ibẹ̀, ó sì dúró kí fáìlì wọlé fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Nígbà tí ojú ẹ̀rọ bá di búlúù tó sì béèrè ohun tó fẹ́, ó tẹ R. Wọ́n fi nọ́mbà Windows tó wà lórí ẹ̀rọ hàn án, ó yan 1. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà alákòóso. Lẹ́yìn náà, ó kọ:

```
bootcfg /rebuild
```

Ẹ̀rọ náà wá gbogbo dísìkì kiri. Ó bá Windows kan, ó béèrè bóyá kó fi kún àkójọ. Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n béèrè orúkọ tó fẹ́ pè é, ó kọ Windows XP. Wọ́n béèrè àfikún, ó kọ `/fastdetect`. Ó yọ díìsì, ó kọ `exit`. Ẹ̀rọ náà tàn.

Àmọ́ àwọn tó ra kọ̀ǹpútà tòun ti páálí rẹ̀ kì í sábà ní díìsì Windows. Ohun tí ilé-iṣẹ́ fún wọn ni ìpín tó fara pamọ́, èyí tó lè dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kó sórí rẹ̀ láti ìgbà náà á lọ. Àwọn gan-an sì ni ẹ̀rọ wọn máa ń ní ìpín méjì. Àwọn tí ìṣòro náà lè mú jù ni àwọn tí irinṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ wọn jù.

Ẹni tí kò tíì pa ẹ̀rọ rẹ̀ ló rí ṣe. Ó lè ṣí Notepad, kó kọ ìlà márùn-ún yẹn, kó sì fi pamọ́ sí òkè `C:`. Ṣùgbọ́n nọ́mbà ìpín gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rọ tirẹ̀ mu. Bí ẹni tó ni ẹ̀rọ kejì bá da ti ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kọ, ohun tí ẹ̀rọ méfò ní àṣìṣe ló tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ `hal.dll` náà ló máa bá ara rẹ̀ láàárọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kọ nǹkan kan. Wọ́n ti gbá géèmù tán, wọ́n ti pa ẹ̀rọ, wọ́n ti lọ sùn.

Aago 11 àárọ̀, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá. Oòrùn tún ń yọjú ní Reykjavík. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ti pé. CCP gba àṣìṣe náà. Wọ́n ṣàtúnṣe fáìlì tó ń gbé ènìyàn láti Classic sí Premium, wọ́n sì ṣe ìtọ́sọ́nà fún àwọn tí ẹ̀rọ wọn ti kú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n jáde sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Fáìlì tó ń palẹ̀ àwọn ohun àtijọ́ ní àṣẹ kan láti pa `boot.ini` ti géèmù rẹ́. Èdè NSIS ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ohun tí àṣẹ náà já sí nìyí:

```
Delete "\boot.ini"
```

Ohun tó yẹ kó jẹ́ ni èyí:

```
Delete "$INSTDIR\boot.ini"
```

`$INSTDIR` ni fódà tí géèmù wà. Bí ó bá wà níwájú, inú ilé EVE ni àṣẹ náà mọ. Bí kò bá sí, àmì ìlà tó dagun ló kù níwájú orúkọ fáìlì. Lójú Windows, àmì yẹn nígbà tó bá dá wà níbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí òkè pátápátá dísìkì. Àṣẹ náà kò wo fódà géèmù rárá. Òkè `C:` ló lọ. Ó bá `boot.ini` kan níbẹ̀, ó sì pa á rẹ́. Ó jíṣẹ́ tí wọ́n rán an gẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi sí àṣìṣe kankan tó yọ.

Ìbéèrè tó kù ni ti àyẹ̀wò. Trinity kò jáde láìjẹ́ pé wọ́n dán an wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi dán an wò bá rí bí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, tó ní dísìkì kan, ìpín kan, fódà `WINDOWS`, yóò tàn padà. Ìlà funfun méjì á kọjá lójú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Géèmù á ṣí. Nosferatu á ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń dán an wò á fi àmì sí i pé ó yege, ohun tó kọ á sì jẹ́ òótọ́. Ó dán géèmù wò. Kọ̀ǹpútà tí géèmù wà lórí rẹ̀ ni kò dán wò, nítorí kò sí ìlà kankan tó sọ pé àtúnṣe yìí yóò fọwọ́ kàn án.

Àkọsílẹ̀ àtúnṣe Trinity kò purọ́. Ọkọ̀ tó sọ pé ó dé, ó dé. Agbára tó sọ pé ó dínkù, ó dínkù. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ ohun tí àwọn tó ṣe géèmù pinnu láti yí padà. Kò lè sọ ohun tí wọ́n yí padà láìmọ̀. Fún ẹni tó ń kà á, ó tó láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ṣì lágbára. Fún ẹni tó ń kọ ọ́, kò tó. Òun ní láti mọ gbogbo fáìlì tí àtúnṣe rẹ̀ ń pa rẹ́, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, àti irú ẹ̀rọ tí kò tíì fi dán an wò, kó tó fi orúkọ sí ìwé náà.

Orúkọ méjì tó bá ara wọn mu náà kò pẹ́ mọ́. CCP yí ti géèmù padà. Lórí kọ̀ǹpútà tí EVE bá wà lónìí, fáìlì tí géèmù ń kà kó tó ṣí ń jẹ́ `start.ini`.